Ọta Ìbọn Láàárín Eyín: Níbo Ni Ọ̀rọ̀ Yìí Ti Ṣẹ̀?

*“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama. Mo sọ fún wọn pé ‘báìtì dì búlẹ́ẹ̀tì’, kéèyàn deyín mọ́ ọta ìbọn, ìyẹn kó fara da ohun kíkorò, ṣẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn sójà tí wọ́n ń gé lẹ́sẹ̀ láyé ìgbà tí kò tíì sí oògùn tó ń múni sùn. Ọmọ kan dìde, ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́, pé ogun Íńdíà ọdún 1857 ni. Ta ló tọ̀nà nínú àwa méjèèjì? Báwo ni irú ọ̀rọ̀ báyìí tilẹ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀?”*

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ìtàn tiyín àti ti ọmọ yẹn, àwọn méjèèjì ló gbajúmọ̀, àmọ́ àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù lọ́wọ́ wa kò gbè sẹ́yìn ìkankan nínú wọn. Níbi tí a ti kọ́kọ́ bá ọta ìbọn lẹ́nu sójà, kò sí lórí tábìlì oníṣẹ́ abẹ, kò sì sí lójú ogun. Wọ́n dè é mọ́gi ni, wọ́n ń nà án lẹ́gba.

Ọkùnrin kan ló bá wa kọ ọ́ sílẹ̀, Francis Grose lorúkọ rẹ̀. Ó ti jẹ́ ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun abẹ́lé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí, etí rẹ̀ sì ṣí sí èdè tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ń yínmú sí: èdè àwọn sójà, àwọn atukọ̀, àwọn olè àti àwọn tó ń ta ọjà lójú títì. Ó kó o jọ sínú ìwé atúmọ̀ èdè kan tó kọ́kọ́ jáde ní 1785. Nínú ẹ̀dà ti 1796, tó jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀, lábẹ́ orúkọ ẹyẹ kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ sí akọrin òru, a rí i kà pé orúkọ ẹyẹ yìí ni àwọn sójà fi ń bú ẹni tó bá figbe ta nígbà tí wọ́n ń nà án. Ó ní nínú àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan, láàárín àwọn tí wọ́n yàn nítorí pé wọ́n ga, wọ́n sì lágbára, ọ̀ràn iyì ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe di ẹyẹ akọrin lábẹ́ ẹgba. Kí wọ́n má baà kígbe, wọ́n ń jẹ ọta ìbọn lẹ́nu.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi ẹgba yìí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n á to ọmọ ogun yí ká ní igun mẹ́rin, ojú gbogbo wọn á kọ sí àárín. Wọ́n á so ọ̀kọ̀ gígùn mẹ́ta pọ̀ lókè, ẹsẹ̀ wọn á yà nísàlẹ̀, wọ́n á de ọwọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ mọ́ ọn lókè, ẹ̀yìn rẹ̀ á wà ní ìhòòhò. Nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn onílù ni wọ́n máa ń pè pé kí wọ́n wá nà án. Bí ọ̀kan bá ti rẹ̀, òmíràn á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Okùn mẹ́sàn-án ló wà lórí pàṣán kan ṣoṣo. Ẹnì kan á máa kà á sókè, dókítà á sì dúró nítòsí láti sọ bóyá ọkùnrin náà ṣì lè gba sí i. Nígbà ayé Grose, kì í ṣe ohun ìyanu kí ilé ẹjọ́ ológun dá ọgọ́rùn-ún mélòó kan fún ènìyàn, nígbà mìíràn á tó 1,000.

Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń wo ọkùnrin yìí, gbogbo wọn ló sì máa bá a gbé lẹ́yìn náà. Ìrora náà kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Igbe nìkan ló kù tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, òun ló sì ń fi eyín sé mọ́nú.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọta? Ohun tó wà nínú àpò sójà nìyẹn. Ọta ìgbà náà kò ṣe ṣóńṣó bíi ti òde òní. Òjé ni, roboto bí ọta ṣakabùlà, fífẹ̀ rẹ̀ á tó mílímítà 17, á sì wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 30. Òjé rọ̀, eyín á wọ inú rẹ̀ láì kán. Ẹnu sójà sì ti mọ ọta tipẹ́. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn tó ń yìnbọn máa ń há ọta sẹ́nu kí wọ́n lè tètè kì í. Nígbà tí ìlú olódi kan bá túúbá fún ọ̀tá, tí ọ̀tá sì fẹ́ bu iyì fún àwọn tó dáàbò bò ó, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé kí wọ́n jáde pẹ̀lú ìlù, pẹ̀lú àsíá, pẹ̀lú ọta lẹ́nu, bí ẹni tó ṣì lè jà. Nítorí náà, nígbà tí sójà Grose há ọta sáàárín eyín, kò ṣe ohun àjèjì kankan.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò rí nǹkan fi eyín dì mú, a mọ̀ ọ́n láti ẹnu ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Alexander Somerville jẹ́ sójà ẹlẹ́ṣin. Ní 1832, ní Birmingham, wọ́n dá ẹgba 200 fún un, wọ́n sì dúró nígbà tó pé 100. Nígbà tó kọ ìtàn ayé rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ní òun ti pinnu pé òun á kú kóun tó ráhùn. Ó ki ahọ́n bọ àárín eyín, ó sì gé e débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí méjì. Ẹ̀jẹ̀ ahọ́n àti ti ètè kún ẹnu rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lémìí. Ẹni tó bá ka ibẹ̀ yóò mọ̀ pé òjé ẹnu àwọn sójà Grose kì í ṣe fún ẹwà.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká gbé ìtàn tiyín yẹ̀ wò. Lóòótọ́, ṣáájú 1846, ojú ènìyàn ló ń là sílẹ̀ gedegbe nígbà tí wọ́n bá ń gé e lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún náà ni William Morton fi éétà mú aláìsàn kan sùn ní Bọ́sítìnì. Kí ọdún tó parí, éétà náà ti dé Lọ́ńdọ̀nù, Robert Liston ti gé ẹsẹ̀ ọkùnrin kan tí kò mọ nǹkan kan. Kólórófọ́ọ̀mù tẹ̀ lé e ní 1847. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọtí, oògùn tí wọ́n fi ewéko òpíọ́mù ṣe, ọwọ́ àwọn ọkùnrin alágbára tó ń di aláìsàn mọ́lẹ̀, àti ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ tó yá, ohun tó wà nìyẹn. Tí wọ́n bá fẹ́ kó rí nǹkan gé jẹ, awọ tàbí igi ni wọ́n máa ń fi sí i lẹ́nu.

Ẹ wo bí ara ènìyàn ṣe wà. Ẹni tí wọ́n ń gé lẹ́sẹ̀ dùbúlẹ̀, ó dojú kọ òrùlé, ó ń mí gúlegúle, ó sì ń jà. Ẹ wá fi ohun roboto tó ń yọ̀, tí kò tó ìka méjì, sí i lẹ́nu. Bó bá la ẹnu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀nà ọ̀fun ló ń lọ, bó bá sì há síbi èémí, ẹsẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gé kọ́ ni yóò pa á. Awọ gígùn kì í yọ̀ sọ́fun, a sì lè fà á yọ. Ẹni tí wọ́n ń nà ní tirẹ̀ wà lóòró, ó dojú kọ igi, bí ọta bá bọ́, ilẹ̀ ló ń já bọ́ sí. Mo ka ọ̀rọ̀ ìdúró yìí sí gidigidi. Ìtàn ìpìlẹ̀ tó bá dùn létí ṣùgbọ́n tí ara ènìyàn kò lè ṣe é láì kú, mo máa ń fura sí i.

Àwọn kan á ní ẹ̀rí wà: wọ́n ti hú ọta tí eyín wà lára rẹ̀ jáde lójú ogun Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń tò wọ́n sínú gíláàsì gẹ́gẹ́ bí ọta àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ nígbà ogun abẹ́lé wọn, láti 1861 dé 1865, éétà àti kólórófọ́ọ̀mù ti wà káàkiri, àwọn ni wọ́n sì ń lò fún iṣẹ́ abẹ tó pọ̀ jù. Àwọn tó yẹ ọta wọ̀nyí wò dáadáa rí i pé ojú eyín ẹlẹ́dẹ̀ ló wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹlẹ́dẹ̀ ń tú ilẹ̀ kiri, ó bá òjé, ó rún un, ó sì tu ú dànù. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ kò le. Eyín ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀ fẹ̀, ó sì ní kókó, ó lágbára débi pé á lu ọta pẹrẹsẹ, á sì dá ihò jíjìn sí i lára kiri. Eyín ènìyàn kò lè tẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ eyín ènìyàn, sójà tí òùngbẹ ń gbẹ máa ń jẹ ọta lẹ́nu kí itọ́ lè wá. Nítorí náà, ojú eyín lára ọta kò tó láti fi so ó mọ́ ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ.

Ó kan ọmọ yín. Ìtàn tó sọ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ó sì le ju ohun tí wọ́n máa ń sọ nínú rẹ̀ lọ. Ìbọn tuntun kan dé ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Íńdíà tó wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Bébà ni wọ́n fi yí ètù àti ọta rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì fi ọ̀rá pa á. Sójà á fi eyín ya orí bébà náà, á da ètù sínú ìbọn, á wá ki ọta tẹ̀ lé e. Òkìkí kàn pé ọ̀rá màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ẹlẹ́sìn Híńdù kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ti àkọ́kọ́, Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ìkejì. Ní Meerut, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin 1857, sójà 85 nínú 90 kọ̀ láti gba ohun ìkìbọn náà. Wọ́n dá wọn lẹ́jọ́, wọ́n sì kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́ ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún. Ní ọjọ́ kejì, ìlú gbiná.

Nǹkan mẹ́ta ni kò jẹ́ kí n lè fi ọ̀rọ̀ wa síbẹ̀. Grose ti kú ní 1791, ìwé rẹ̀ sì ti sọ̀rọ̀ ọta lẹ́nu ní ọgọ́ta ọdún ṣáájú Meerut. Èkejì, bébà ni eyín ń ya, ní apá ibi tí ètù wà. Òjé wà ní apá kejì, eyín kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìkẹta ló wọ̀ mí lára jù: àwọn ọkùnrin Meerut kọ̀ láti gé e jẹ ni. Ìtàn ẹni tó kọ̀ kò lè bí ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí pé kéèyàn gbà.

Báwo ni ohun tí àwọn sójà kan ń ṣe níbi ìjìyà ṣe wá di ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí kò gbé ìbọn rí? Nígbà tí Grose kọ tirẹ̀, kò tíì di àkànlò èdè. Ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an ló ń ròyìn, ó sì ní wọ́n ń “jẹ” ọta. Nígbà tó yá, ẹgba bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nílẹ̀. Ní 1846, sójà kan tó ń jẹ́ Frederick John White gba ẹgba 150 ní Hounslow, ó sì kú láàárín oṣù kan. Ariwo rẹ̀ gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, wọ́n sì dín iye tó ga jù kù sí 50. Ní 1881, wọ́n fòpin sí ẹgba nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun pátápátá.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1891, Rudyard Kipling gbé ìwé ìtàn àròsọ kan jáde nípa ayàwòrán kan tó ti fara gbọgbẹ́ lójú ogun ní Súdáànì, tí ojú rẹ̀ sì wá fọ́. Lọ́jọ́ tó mọ̀ pé òkùnkùn náà kò ní í lọ mọ́, ó fẹ́ fò dìde lórí ibùsùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbá a mọ́ra gírígírí, ó sì sọ fún un létí pé kó deyín mọ́ ọta, kó má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n rò pé ẹ̀rù ń bà á. Kò sí ọta nínú yàrá yẹn, kò sí ẹgba. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí “wọ́n” kankan tó ń wò, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó tò yí igi ká ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn méjèèjì ti bá sójà gbé pọ̀, wọn kò nílò àlàyé. Lójú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di àkànlò nìyí: ohun tí a ń fi ọwọ́ ṣe ń kú lọ, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè, wọ́n sì gbé e lọ síbi ìrora mìíràn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé èdè náà kò tíì gún régé lẹ́nu Kipling. Bí ẹ bá wo ti Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ẹ ó rí “ọ́ọ̀nù” láàárín “báìtì” àti “dì búlẹ́ẹ̀tì”, èyí tó jẹ́ pé eyín kàn dì mọ́ ọta ni. Nígbà tó fi máa di 1923, nínú ìwé apanilẹ́rìn-ín kan tí P. G. Wodehouse kọ, “ọ́ọ̀nù” ti já bọ́. Ẹnì kan sọ fún ẹnì kejì pé kó ṣara gírí, kó báìtì dì búlẹ́ẹ̀tì, nítorí ìròyìn burúkú ń bọ̀. Ó ti kúrò lára ẹ̀yìn tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó ti kúrò lára ojú tó fọ́, ó ti di ọ̀rọ̀ inú pálọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìtumọ̀ rẹ̀ yí lọ síbi tó wà lónìí. Lọ́dọ̀ Grose àti Kipling, ìrora ti dé, ẹni náà ń pa á mọ́ra. Lónìí, a sábà máa ń lò ó fún ẹni tí ohun kíkorò ṣì wà níwájú rẹ̀, tó ti ń sún un síwájú, tó wá pinnu pé kóun kúkú ṣe é: ẹni tó fẹ́ san gbèsè ńlá, tàbí tó fẹ́ lọ yọ eyín. Ìfaradà ti di ìpinnu. Nǹkan mìíràn tún yí tó ń dùn mí nígbà tí mo bá ń gbọ́ rédíò. Ọkùnrin tí Grose kọ nípa rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ọta sẹ́nu. Ní báyìí, ẹni tí ẹgba kò bà ló sábà máa ń sọ fún àwọn tó ń jẹ ẹgba pé kí wọ́n deyín mọ́ ọn, kí epo lè wọ́n, kí owó iná lè lọ sókè. Nínú ẹgbẹ́ Grose, kò sí ọ̀gá kankan nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ tó ń pín ọta kiri.

Àwọn ìtàn bíi tiyín àti ti ọmọ yín máa ń hù nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti gbajúmọ̀ ju ibi tó ti wá lọ. Àwa ènìyàn kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tí kò ní bàbá. Bí a kò bá rí bàbá rẹ̀, a ó wá ohun tó jọ ọ́ nínú ìtàn tí gbogbo ayé mọ̀, a ó sì fi ọ̀rọ̀ náà lé e lọ́wọ́. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn tó wá láti ara irú ìbọn kan náà, “fíláàṣì ín dì páànù”, tí wọ́n ń lò fún ohun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo tí kò sì já mọ́ nǹkan. Ọ̀pọ̀ á sọ fún yín pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wa góòlù ní Kalifọ́níà ló ti wá, àwọn tó ń jọ yẹ̀pẹ̀ nínú páànù, tí wọ́n rí ohun tó ń dán, tí kò sì wá jẹ́ góòlù. Góòlù Kalifọ́níà bẹ̀rẹ̀ ní 1848. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú 1700. Páànù tó ń wí ni àwo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, tí wọ́n ń da ètù díẹ̀ sí. Àwọn ọdẹ wa tó ń lo ṣakabùlà mọ ohun tí mò ń sọ: nígbà mìíràn, iná á bù yẹ̀rì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, ètù inú kò sì ní í gbọ́, ẹran á sì ti bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ kíyè sí i pé déètì nìkan ló pa ìtàn góòlù, bó ṣe pa ti Meerut. Ó yẹ kí ẹ fún àwọn ọmọ yín ní irinṣẹ́ yìí, nítorí ó rọrùn: kí wọ́n wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ jáde nínú ìwé, kí wọ́n sì gbé ọdún rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún ìtàn. Bí ìtàn bá kéré lọ́jọ́ orí sí ọ̀rọ̀, ìtàn kò lè bí i. Àmọ́ irinṣẹ́ náà ní ààlà. Bí ìtàn bá dàgbà ju ọ̀rọ̀ lọ, ìyẹn kò tíì sọ ọ́ di bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ láìsí oògùn dàgbà ju ọ̀rọ̀ yìí lọ fíìfíì, déètì kò lè mú un. Irú ohun tó wà lẹ́nu àti bí ara ṣe dùbúlẹ̀ ló bá a jà. Èmi náà kò sì ní sọ pé Grose ti parí ẹjọ́. Ó fún wa ní àṣà náà, nínú ẹgbẹ́ ológun tó tọ́, pẹ̀lú ìdí tó bá ọ̀rọ̀ Kipling mu: kí wọ́n má rí ẹ̀rù lójú mi. Láàárín ìwé àwọn méjèèjì, ọdún 95 ló wà, ẹnu àwọn sójà ló sì gbé ọ̀rọ̀ náà kọjá. Òun ni mo fi ń gbe ẹgba lẹ́yìn, òun náà ni kò sì jẹ́ kí n búra.

Nítorí náà, bí ẹ bá padà sí kíláàsì, ẹ yin ọmọ náà pé kò gba ọ̀rọ̀ yín gbà bí ẹni gba oyin, ẹ sì jẹ́ kó fi ọdún 1796 àti 1857 sórí pátákó fúnra rẹ̀. Ní ti ìdánwò, ìtumọ̀ òde òní ni kí wọ́n kọ: kéèyàn pinnu láti ṣe ohun kíkorò tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ náà bá yọjú nínú ìwé tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá ìrora ti wà lára ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Bó bá ti wà níbẹ̀, ìfaradà láìfọhùn ni kí wọ́n kọ.